Ẹ̀rọ bíípíì gbé nọ́ńbà ńlá jáde nílé: ìdí tó fi yẹ ká tún un wọ̀n kí àyà tó já wa

Alẹ́ ni irú ìpè yìí sábà máa ń wọlé. Ẹni tó pè kò ní kí mi tán tí yóò fi sọ nọ́ńbà: "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o, bíípíì mi ti di 198!" Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo sì ń rí jù. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ bíípíì, èyí tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ti wọ ilé púpọ̀, tí àwọn ọmọ ń rà á ránṣẹ́ sí bàbá àti ìyá wọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lónírúurú ọ̀nà: nọ́ńbà yìí mà pọ̀ o, kí ni kí n ṣe? Mo kó ìdáhùn mi jọ síbí. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni mò ń sọ. Ti aboyún yàtọ̀, mo sì yà á sọ́tọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ̀rọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé 198/112 jáde. Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ, kí ẹ wo ara yín ná. Ṣé àyà ń dùn yín? Ṣé èémí ń ṣòro? Ṣé apá tàbí ẹsẹ̀ kan ṣàdédé rọ, tàbí ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ṣé ojú ṣàdédé ṣú? Bí ọ̀kan péré nínú ìwọ̀nyí bá wà, ọ̀rọ̀ wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kejì ti kúrò níbẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Bí kò bá sí èyíkéyìí, ẹ tú aṣọ tó ń wú mọ́ apá yẹn, èyí tí a ń pè ní kọ́ọ̀fù. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí sílẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀, ẹ má pa á rẹ́. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, ẹ lọ tọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹ fẹ̀yìn tì í, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ẹ gbé apá lé tábìlì kí kọ́ọ̀fù lè wà ní ìbámu pẹ̀lú àyà. Kọ́ọ̀fù gbọ́dọ̀ kan ara, kì í ṣe orí aṣọ. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi fóònù sí yàrá mìíràn, kí ẹ sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 yẹn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni kí ẹ fi ṣèdájọ́, kì í ṣe ti àkọ́kọ́.

Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú 5 máa ń gùn bí ọdún fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e kúrú. Ìdajì gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà nínú ìṣẹ́jú 5 yẹn.

Àwọn àmì wo gan-an ni kò gba ìdúró rárá?

Ìrora àyà tó ń tẹni mọ́lẹ̀, tàbí tó ń lọ sí ẹ̀yìn, apá tàbí àgbọ̀n. Èémí tí kò délẹ̀, pàápàá bí èèyàn kò bá lè dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹnu tó wọ́, apá tó ń já bọ́ nígbà tí ẹ ní kó gbé méjèèjì sókè, ọ̀rọ̀ tó ń wọ́ bíi ti ọ̀mùtí. Ojú tó ṣàdédé fọ́ tàbí tó ń rí nǹkan ní méjì méjì. Orí fífọ́ irú èyí tí kò ṣe é rí, tó bẹ̀rẹ̀ lójijì. Kí èèyàn máa sọ ìsọkúsọ, tàbí kí gìrì gbé e.

Ẹni tó ní irú àmì wọ̀nyí, kódà kí ẹ̀rọ sọ pé 130/80 ni, ẹ gbé e lọ. Nọ́ńbà kékeré kì í lé àrùn rọpárọsẹ̀ lọ. Ẹ rántí aago tí ara rẹ̀ ṣì dá gbẹ̀yìn, nítorí òun ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè. Àwọn ìtọ́jú kan wà tí wákàtí díẹ̀ péré ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sì fi omi, oúnjẹ tàbí oògùn sí i lẹ́nu lójú ọ̀nà. Ọ̀nà ọ̀fun ẹni tí rọpárọsẹ̀ ń kọlù lè má ṣiṣẹ́ dáadáa, ohun tí ẹ fi sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Báwo ni nọ́ńbà ṣe lè ga tó bẹ́ẹ̀, kó sì sọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Ṣé kì í ṣe pé ẹ kàn fẹ́ fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni?

Rárá. Ẹ̀jẹ̀ kì í tẹ ògiri òpó rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọkàn ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́, ìfúnpá sì ń yí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lù. Ẹ gun àtẹ̀gùn, ó gòkè. Ẹ bínú sí ọmọọṣẹ́, ó gòkè. Ẹ sùn, ó wálẹ̀. Ẹ̀rọ yín kò rí ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ nínú gbogbo ọjọ́ náà. Bí ìṣẹ́jú tí ẹ mú bá jẹ́ èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìjà dé, ìjà yẹn lẹ wọ̀n.

Ìpayà tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 1983, dókítà Giuseppe Mancia àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Milan, nílẹ̀ Ítálì, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti fi ọ̀pá tín-ín-rín sínú òpó ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tó wà lórí ibùsùn, tí yóò máa ka ìfúnpá láìdúró, láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n wá ní kí dókítà wọlé wá wọn bíípíì fún wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Bí dókítà ṣe dé ẹ̀bá ibùsùn ni ìfúnpá fò sókè: láàárín ìṣẹ́jú 1 sí 4, nọ́ńbà òkè, èyí tí a ń kọ ṣáájú, ti fi nǹkan bí 27 lé, ti ìsàlẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e, fi nǹkan bí 15 lé, ní ìpíndọ́gba. Nígbà tó máa fi di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wálẹ̀. Kò sí oògùn tí wọ́n fún wọn. Ara kàn jí sí àlejò tó wọlé ni.

Nínú ilé, kò sí dókítà tó wọlé, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ náà ni àlejò yẹn. Ẹni tó ti rí 198 lẹ́ẹ̀kan, tí àyà rẹ̀ ti já, tó tún tẹ bọ́tìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìjáyà ara rẹ̀ ló ń wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ dúró ná. Èyí tí wọ́n bá wọ̀n láìsinmi lè ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹni náà á sì rò pé òun ti ń kú lọ.

Ṣé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ṣì í, kì í ṣe ara mi?

Ó ṣeé ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ẹ̀rọ gan-an ló ṣì í. Bí a ṣe lò ó ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ́ọ̀fù máa ń wú títí yóò fi há òpó ẹ̀jẹ̀ apá mọ́, lẹ́yìn náà á máa jò díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tún ráyè kọjá, ó ń gbọn kọ́ọ̀fù náà jìgìjìgì, ìgbọ̀n kékeré tí ẹ̀yin fúnra yín lè fura sí ní apá. Ìgbọ̀n yẹn ni ẹ̀rọ ń gbọ́, tó sì fi ń ṣírò nọ́ńbà méjèèjì. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbọ̀n ẹ̀jẹ̀ àti ìgbọ̀n tí ẹ ṣe nígbà tí ẹ na ọwọ́ mú kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ń mi apá, tó ń rẹ́rìn-ín tàbí tó ń wúkọ́ nígbà tí kọ́ọ̀fù ń jò ti da ìṣirò yẹn rú.

Ọ̀rọ̀ tún wà lórí kọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀, níbi tí mo rò pé a ti ń ṣìṣe jù. Kọ́ọ̀fù tó kéré ju apá lọ gbọ́dọ̀ fún mọ́ra ju bó ṣe yẹ kó tó lè há òpó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ á sì ka agbára àfikún yẹn mọ́ ìfúnpá yín. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Kọ́ọ̀fù tí Scipione Riva-Rocci ṣe ní 1896 tín-ín-rín, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ntímítà 5 lọ. Ní 1901 ni Heinrich von Recklinghausen fi hàn pé fífẹ̀ rẹ̀ kò tó, pé ó ń jẹ́ kí nọ́ńbà ga ju òótọ́ lọ. Títí dòní, ìwádìí kan tó jáde nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní 2023 tún rí i pé àwọn tí apá wọn nílò kọ́ọ̀fù tó tóbi jù lọ, tí wọ́n wá fi kọ́ọ̀fù tó wọ́pọ̀ wọ̀n fún, nọ́ńbà òkè wọn fi nǹkan bí 20 ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó jẹ́ 145 á rí 165.

Ẹ mú téèpù àwọn aránṣọ, ẹ fi wọn yíká apá yín, ní àárín èjìká àti ìgúnpá. Lẹ́yìn náà ẹ wo ara kọ́ọ̀fù yín, wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ wọn, 22–32 cm ló wà. Bí apá yín bá jẹ́ 36, kọ́ọ̀fù yẹn kì í ṣe ti yín, ẹ ra ńlá. Ọ̀pọ̀ ìyá tó sanra ni mo ti bá wọn apá, tí kọ́ọ̀fù tí ọmọ rà ránṣẹ́ sí wọn kò bá wọn mu láti ọjọ́ tó ti dé.

Apá tó rọ̀ sísàlẹ̀ náà ń fi kún un. Ẹ̀jẹ̀ ní ìwúwo bí omi nínú ọ̀pá, bí kọ́ọ̀fù bá fi sẹ̀ntímítà 10 wà nísàlẹ̀ ọkàn, nọ́ńbà máa fi nǹkan bí 8 lé. Ọ̀rọ̀ sísọ lè fi bíi 10 kún un, ìtọ̀ tó kún inú náà bẹ́ẹ̀. Aṣọ abẹ́ kọ́ọ̀fù kò tilẹ̀ ní òdiwọ̀n kan, ó lè mú nọ́ńbà ṣìnà díẹ̀, ó sì lè mú un ṣìnà gan-an.

Ẹ lè fún wa ní àpẹẹrẹ ẹnì kan tó ṣẹlẹ̀ sí?

Ìyá aláṣọ kan wà tí mo mọ̀, ẹni ọdún 63, tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún bíi mẹ́fà. Mo ti yí ohun tí ẹ lè fi dá a mọ̀ padà. Ó dé láti ọjà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gun àtẹ̀gùn dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fa apá búbá rẹ̀ sókè, aṣọ sì ká jọ bí okùn lókè apá. Ó wé kọ́ọ̀fù sórí etí aṣọ náà. Ọmọ rẹ̀ wà lórí fóònù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé tí kò tíì pé. 198/112 ló jáde.

Nígbà tó pè mí, mo bi í ní gbogbo àmì tí mo kà lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí. Mo ní kó bọ́ búbá náà pátápátá, kó lọ tọ̀, kó bọ́ sórí àga ìjẹun, kó gbé apá lé tábìlì pẹ̀lú ìrọ̀rí kékeré lábẹ́ rẹ̀, kó sì pa fóònù. Ó pè mí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ó rí 172/100, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ó rí 166/98.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ o. Nǹkan bí 30 ti kúrò lára nọ́ńbà òkè láìsí oògùn. Ṣùgbọ́n 166 kì í ṣe nọ́ńbà tó dára fún ẹni tó ń lo oògùn déédéé. Títún un wọ̀n kò sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ohun tó sọ ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká wá ọkọ̀ lóru, pé ọ̀rọ̀ ká rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn ni. Mo ní kó jẹ oúnjẹ alẹ́, kó lo oògùn rẹ̀ bó ṣe máa ń lò ó, kó sùn, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà láti òwúrọ̀.

Nígbà tó ti sọ̀, ṣé mo ti bọ́ nìyẹn? Ọjọ́ mélòó ni kí n fi máa wọ̀n ọ́n?

Ẹ fi ọjọ́ 7 wọ̀n ọ́n. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó lo oògùn, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan láàárín. Ní alẹ́, bákan náà. Ẹ má mu kọfí, ẹ má mu sìgá, ẹ má ṣe iṣẹ́ alágbára ní ìdajì wákàtí tó ṣáájú. Ẹ yọ ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò nínú ìṣirò, nítorí ọjọ́ yẹn ni ara ṣì ń kọ́ ẹ̀rọ, nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń ga ju ti ìyókù lọ. Ìwọ̀n 24 ló máa kù. Ẹ ro gbogbo nọ́ńbà òkè pọ̀, ẹ pín in sí 24. Ẹ ṣe ti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá aláṣọ yẹn ṣe é. Ìpíndọ́gba òwúrọ̀ rẹ̀ jẹ́ 156/94, ti alẹ́ jẹ́ 148/90. Àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ 152/92. Nílé, tí ìpíndọ́gba bá ti dé 135/85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Amẹ́ríkà, 130/80 ni wọ́n ń lò. Nítorí náà ìyá wa ní ọ̀rọ̀ láti sọ fún dókítà. Nígbà tó lọ, wọ́n rí i pé ó ti ń fo oògùn alẹ́ nítorí pé ó ń jẹ́ kó máa tọ̀ lóru. Wọ́n yí i sí òwúrọ̀, wọ́n sì fi òmíràn kún un. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 198 àti 152 ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ọmọ máa sunkún lórí fóònù àti kí ìyá lọ jókòó sọ fún dókítà pé oògùn yìí kì í jẹ́ kí n sùn.

Tí mo bá sinmi, tí mo tún un wọ̀n, tó ṣì wà lókè 180/120 ńkọ́? Ara mi dá o.

Ẹ má sùn lé e lórí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pe dókítà tàbí ilé ìwòsàn yín lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ alẹ́, tí ara sì dá, ẹ wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Bí àmì kankan bá yọjú láàárín, ẹ má dúró de òwúrọ̀.

Kì í ṣe gbogbo irú èyí ló nílò kí wọ́n dá èèyàn dúró sí ilé ìwòsàn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 láti Cleveland Clinic wo àwọn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà pẹ̀lú 180/110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sí àmì ewu lára wọn. Wọ́n fi àwọn tí wọ́n rán lọ sí ilé ìwòsàn ńlá wé àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ sílé pẹ̀lú àtúnṣe oògùn. Kò sí ìyàtọ̀ gidi nínú iye àwọn tí rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn ọkàn kọlù. Ohun tí dókítà máa fẹ́ ṣe ni kó wo ìtọ̀ yín, kó yẹ kíndìnrín wò, kó wo inú ẹyinjú, kó sì béèrè bóyá oògùn ti tán láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: oògùn tó tán, tí owó kò sì tíì sí láti ra òmíràn, ni mo ń bá jù nídìí 190 tí kò sọ̀.

Ṣé kí n lo oògùn mi ní ìlọ́po méjì kó lè tètè wálẹ̀?

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ń gbé mì kì í ṣiṣẹ́ tán láàárín ìdajì wákàtí. Ẹni tó lo méjì láago mẹ́jọ, tí kò rí àyípadà láago mẹ́sàn-án, á tún lo ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn á wá jùmọ̀ ṣiṣẹ́ lóru nígbà tó dìde lọ tọ̀. Bàbá kan ládùúgbò mi ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó rí 200 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni wọ́n ti bá a nílẹ̀ ní ìdájí, orí rẹ̀ ti gbọgbẹ́. Kò sí ẹni tó tún 200 yẹn wọ̀n.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọpọlọ ní ọ̀nà tó fi ń ṣàkóso ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú rẹ̀: bí ìfúnpá bá ga, àwọn òpó kékeré rẹ̀ á sún mọ́ra, bó bá lọ sílẹ̀, wọ́n á fẹ̀. Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru fún ọdún pípẹ́, gbogbo ètò yìí ti gòkè díẹ̀, nọ́ńbà gíga ti mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá já a lulẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè má tó fún ọpọlọ tàbí fún ọkàn, kódà ní nọ́ńbà tí ẹlòmíràn ń pè ní èyí tó dára. Ohun tí ẹ ń sá fún lẹ wá fọwọ́ ara yín fà. Nígbà kan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń jẹ́ nífẹ́dípìn, èyí tó jẹ́ olómi inú kápúsù, ni wọ́n máa ń lu ní ihò sí abẹ́ ahọ́n kí nọ́ńbà lè tètè wálẹ̀. Nítorí irú jàǹbá yìí, ní 1996 Ehud Grossman, Franz Messerli àti àwọn akẹgbẹ́ wọn kọ̀wé pé kí àwọn dókítà dáwọ́ àṣà náà dúró.

Bí ẹ bá gbàgbé oògùn ọjọ́ náà, ẹ bi dókítà tàbí apòògùn yín bóyá kí ẹ lò ó nígbà tí ẹ rántí. Ti òní lásán ni o, kì í ṣe ti àná mọ́ ọn.

Tí mo bá wọ̀n ọ́n títí tí yóò fi dára ńkọ́?

Ìyẹn náà kò dára. Mo mọ obìnrin kan tó wọ̀n ọ́n ní ìgbà 19 lóru ọjọ́ kan, apá rẹ̀ pọ́n. Ó mú èyí tó kéré jù, 139, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun nìyẹn. Kíkó nọ́ńbà tó wù wá nínú ogún kò yàtọ̀ sí gbígba nọ́ńbà kan tó dẹ́rù bà wá. Àkọ́kọ́, ìsinmi, méjì sí i, ó tán. Ìpíndọ́gba méjì yẹn ni ti alẹ́ náà. Ẹ gbé ẹ̀rọ sí inú àpò rẹ̀ di òwúrọ̀.

Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà ń fò káàkiri: 174, 128, 160. Kí ló fà á?

Bí ẹ bá ti jókòó dáadáa, tí kọ́ọ̀fù bá apá mu, tí bátìrì kò sì rẹ̀, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn-ọwọ́ kí ẹ gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Bó bá ń lù ségesège, tí kò ní ìlù kan tó ń tẹ̀ lé, ẹ̀rọ á máa ṣi ìṣirò ṣe nítorí pé ìgbọ̀n kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ara wọn. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń fi àmì ọkàn kékeré hàn lójú wọn nígbà bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sọ fún dókítà, kó ṣe àyẹ̀wò ọkàn tí wọ́n ń pè ní ìsíìjì. Ìlù ségesège yẹn fúnra rẹ̀ lè fa rọpárọsẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Ẹ̀rọ ọrùn-ọwọ́ ni mo ní. Ṣé ó ṣeé gbára lé?

Ti apá sàn jù. Bí òun nìkan ló wà, ẹ gbé ọwọ́ sókè títí ọrùn-ọwọ́ yóò fi wà ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn. Lórí itan, á máa fi kún nọ́ńbà.

Oyún ni mo ní. Ṣé ìlànà yìí kan èmi náà?

Ẹ tún un wọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú 15 ni, nọ́ńbà tí ẹ máa fi bẹ̀rù sì kéré jù. Bó bá ṣì jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe ibi tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú oyún lọ́jọ́ náà gan-an. Bí èyíkéyìí nínú nọ́ńbà méjèèjì bá ti dé 160/110, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ara ì báà dá. Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, ìrora lókè ikùn lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ojú àti ọwọ́ tó ṣàdédé wú: ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó láti lọ, láìwọ̀n rárá. Bákan náà ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. A máa ń gbàgbé ìyá nígbà tí ọmọ bá ti dé, bẹ́ẹ̀ ewu yìí ṣì wà lára rẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, Òṣogbo ni màmá mi wà. Wọ́n pè mí pé ó ti di 190. Kí ni mo lè ṣe láti ibí?

Ẹ ṣí kámẹ́rà. Ẹ ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín kí ẹ wo ẹnu, kí wọ́n gbé apá méjèèjì sókè kí ẹ wo èyí tó ń já bọ́, kí wọ́n dárúkọ gbogbo ọmọ wọn kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ bi wọ́n nípa àyà àti èémí. Lẹ́yìn náà ẹ wo apá: ṣé aṣọ wà lábẹ́ kọ́ọ̀fù, ṣé apá wà lórí tábìlì? Ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa jókòó, kí ẹ sì sọ pé, "Màámi, mo fẹ́ gé fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo máa pè yín padà." Kí ẹ sì gé e lóòótọ́. Mo mọ̀ pé ó nira. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró lórí ìlà, wọ́n á máa dá yín lóhùn nígbà tí kọ́ọ̀fù ń wú, ìpayà inú ohùn yín á sì wọ apá wọn. Ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn láti pe aládùúgbò tàbí àbúrò tó sún mọ́ wọn, kó lọ jókòó tì wọ́n jẹ́ẹ́.

Kí ni kí n mú lọ fún dókítà?

Ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà sí, pẹ̀lú ọjọ́, aago, nọ́ńbà òkè, ti ìsàlẹ̀, àti iye tí ọkàn ń lù, èyí tí ẹ̀rọ ń kọ PUL sí. Ẹ kọ 198 yẹn náà síbẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ń ṣe nígbà náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè, mo ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù." Ẹ mú páálí gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan èyí tí ẹ rà fún ìrora orúnkún, torí àwọn kan lára wọn ń gbé ìfúnpá sókè. Ẹ mú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ, kí wọ́n fi wé tiwọn lórí apá kan náà. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní apá méjèèjì lọ́jọ́ yẹn. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ni kí ẹ máa lò nílé láti ìgbà náà lọ.